Bí A Ṣe Ń Kọ Orin Ìpolówó Kúkúrú fún Ilé Búrẹ́dì Àdúgbò: Àpẹẹrẹ Kan láti Ìtòkú

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ní ilé búrẹ́dì kékeré, tàbí ẹni tí irú onílé búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ bẹ̀ pé kí ó bá òun kọ orin ìpolówó tí àwọn ọmọ àdúgbò yóò lè máa ké lójú pópó. Orin ìlà mẹ́rin ni mo fẹ́ kí á jọ kọ, èyí tí ẹni tí ó ru àtẹ búrẹ́dì sórí lè ké láìdúró mí gùlẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń gun òkè. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kiri ọjà láàárín àpáta wa mọ̀ pé èémí kì í pọ̀ tó láti ké gbólóhùn gígùn.

N óò mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, n óò sì bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ilé búrẹ́dì náà wà ní Ìtòkú, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, pé obìnrin tí ó ni ín bí ìbejì, àti pé gbogbo àdúgbò kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Ìyá Ìbejì lọ. Kò ní owó tí yóò fi san ìpolówó orí rédíò lójoojúmọ́. Ohun tí ó ní ni ààrò kan, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ń bá a kiri, àti gbohùngbohùn kékeré kan tí a lè fi orin sí kí ó máa tún un kọ.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Orin búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí mo kọ, ilé búrẹ́dì kan tí n kò ní dárúkọ ni mo kọ ọ́ fún. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, ó dára lójú mi, mo sì gbé e fún ọmọkùnrin kan tí ó mọ orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ohùn orin kan tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbé e. Níbi tí mo kọ "ó dùn" sí, ohùn orin náà gòkè lọ sí ibi tí ó ga jù lọ nínú ìlà, nítorí náà ohun tí àwọn èèyàn gbọ́ ni "ó dún". Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri pé kí ó jẹ́ kí àwọn gbọ́ búrẹ́dì tí ń dún. Ẹni tí ó ni ọjà bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ohùn orin tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tò, ohùn àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń bí ohùn orin.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti wá fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn orin àwọn ará Yúróòpù kọ àwọn orin ìyìn tí a túmọ̀ sí èdè Yorùbá, ni àwọn olórin ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin. Nínú ilé ìsìn, ìwé orin wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọrin, nítorí náà ó ṣì lè mọ ohun tí ìlà náà ń sọ. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú títì kò ní ìwé lọ́wọ́. Etí rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ẹ lọ jókòó nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tà á fún òwúrọ̀ kan, ó kéré tán, kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn oníbàárà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ máa wo ọwọ́ wọn pẹ̀lú. Obìnrin tí ó fẹ́ ra búrẹ́dì tí wọn yóò fi jẹ ẹ̀wà ní ilé kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Yóò na ọwọ́, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì náà láti orí náílọ̀nù, ibẹ̀ yóò jìn wọlé, yóò gbé ìka kúrò, yóò sì dúró wò bóyá ibi tí ó tẹ̀ yóò padà wú bọ̀ sípò. Bí ó bá wú padà, yóò sọ pé "ó rọ̀", yóò sì mú owó jáde. Bí ó bá jìn síbẹ̀, tàbí tí kò tilẹ̀ jìn rárá, yóò fi í sílẹ̀, yóò mú òmíràn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó ń ta búrẹ́dì yìí ni "ó rọ̀". Kì í ṣe "ó dára jù lọ", nítorí pé kò sí oníbúrẹ́dì tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí oníbàárà tí ó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ni yóò rọrùn fún un láti gbé lọ sí ilé.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá yóò jẹ́ òótọ́ ní gbogbo wákàtí tí a ó fi ké orin náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń sáré lo "gbígbóná". Búrẹ́dì a máa gbóná nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò. Ṣùgbọ́n bí gbohùngbohùn bá ń ké "gbígbóná" ní agogo méjì ọ̀sán, tí oníbàárà sì fọwọ́ kàn án tí ó tutù, orin náà ti parọ́ fún un, kò sì ní gba ìyókù gbọ́. Búrẹ́dì tí a ṣe dáadáa yóò ṣì rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "rọ̀".

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn bára mu ní fáwẹ̀lì àti ní ohùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ sì ni n óò pẹ́ sí jù.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń parí sí fáwẹ̀lì, yálà fáwẹ̀lì àìránmúpè tàbí aránmúpè, àwọn fáwẹ̀lì àìránmúpè náà kò sì ju méje lọ. Ẹni tí ó bá ní kí ìlà méjì parí sí "o" kò ṣe iṣẹ́ kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó parí sí "o" pọ̀ bí iyanrìn. Etí Yorùbá kì í gbọ́ irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ bí ohun tí ó dùn. Ẹ pe "owó" àti "òjò" tẹ̀lé ara wọn: fáwẹ̀lì kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì wà nísàlẹ̀, wọn kò sì jọ ara wọn létí. Ẹ wá pe "owó" àti "ìyàwó", tàbí "òjò" àti "òwò". Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni etí yóò dá wọn mọ̀ bí ọmọ ìyá. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé fáwẹ̀lì ìparí wọn jẹ́ ọ̀kan, ohùn orí rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ohùn sílébù tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn bá tún bára mu, yóò dùn sí i.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, ẹ kọ orúkọ ọjà àti orúkọ tí àdúgbò fi ń pe ẹni tí ó ni ín. Ní ìkejì, ẹ kọ àdúgbò náà àti àwọn ibi tí ó yí i ká. Ní ìkẹta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu oníbàárà, pẹ̀lú ohunkóhun tí a lè fi ọjà náà wé. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ sílébù méjì tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ dò, re tàbí mí sí abẹ́ wọn: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀nà kìn-ín-ní fún wa ní "búrẹ́dì" àti "Ìyá Ìbejì". Búrẹ́dì jẹ́ mí-mí-dò, Ìbejì sì jẹ́ dò-re-dò. Àwọn méjèèjì parí sí "ì", ohùn àwọn méjèèjì sì ń wálẹ̀ sí dò. Ọ̀rọ̀ tí a yá láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ga níwájú, kí ó sì wálẹ̀ níkẹyìn nígbà tí ó bá di ti wa, bíi bọ́tà, ṣúgà àti tíì. Nítorí náà "búrẹ́dì" ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a wálẹ̀. Àdúgbò ti fún obìnrin yìí ní orúkọ tí ó bá ọjà rẹ̀ mu, bóyá láìmọ̀. Kò ní dára kí á wá pa orúkọ náà tì, kí á fi orúkọ tí a kọ sí ara náílọ̀nù dípò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì fún wa ní "Ìtòkú", tí ó jẹ́ dò-dò-mí. Ọ̀nà kẹta fún wa ní "rọ̀", a sì ń wá ohun tí a óò fi wé e. Ohun rírọ̀ tí Yorùbá kọ́kọ́ ń rántí ni òwú, tí ó jẹ́ dò-mí. Ẹ pe "òwú", kí ẹ sì pe "Ìtòkú". Fáwẹ̀lì kan náà, ohùn kan náà, láti dò fò lọ sí mí. Ohun tí ó mú inú mi dùn jù níbẹ̀ ni pé Ìtòkú jẹ́ ọjà aṣọ, àdìrẹ ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwú àti Ìtòkú pa pọ̀ ní Abẹ́òkúta kò ní béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe pàdé.

Bí ó bá jẹ́ pé Aké ni ilé búrẹ́dì yín wà, "Aké" àti "dé" yóò bára mu, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ láti "Búrẹ́dì dé". Bí ó bá sún mọ́ Olúmọ, "ọmọ" ni ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró dè yín. Bí orúkọ ọjà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí kò bá ohunkóhun mu, ẹ má ṣe fi agbára so ó mọ́ ìparí ìlà. Ẹ gbé e sí àárín, kí ẹ fi àdúgbò parí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tò ó sí ìlà tí èémí kan lè gbé

Ẹ jẹ́ kí n fi irú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń kọ hàn yín:

Búrẹ́dì wa dára, ó sì tún dùn ún jẹ,
Ẹ wá sí ilé ìtajà wa kí ẹ wá rà á jẹ.

Ìlà kìn-ín-ní ní sílébù méjìlá, ìkejì ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó ru àtẹ kò lè ké e lẹ́ẹ̀kan. Ìparí rẹ̀ pẹ̀lú kò bára mu ní tòótọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, "jẹ", ni wọ́n tún pè. Àtúnpè ni ìyẹn. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀, kò sí àdúgbò. Oníbúrẹ́dì òdìkejì títì lè gbà á kọ láìyí ohunkóhun padà. Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyẹn: bí ilé búrẹ́dì mìíràn bá lè fi orin náà polówó láìṣe àtúnṣe, a kò tíì kọ ọ́.

Ìlà tí ó ní sílébù márùn-ún sí mẹ́jọ ni ó dára fún kíké. Èyí ni tiwa:

Búrẹ́dì, búrẹ́dì,
Búrẹ́dì Ìyá Ìbejì!
Ó rọ̀ bí òwú,
Ẹ wá rà á n'Ítòkú!

Ẹ kà á: mẹ́fà, mẹ́jọ, márùn-ún, méje. A ti pa "ní Ìtòkú" pọ̀ di "n'Ítòkú", gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń pè é, sílébù kan sì ti kúrò. Ẹ máa fi ẹnu kà á kí ẹ tó kà á lórí ìwé, nítorí pé àwọn fáwẹ̀lì a máa jẹ ara wọn tàbí kí wọ́n fara jọ ara wọn. Ẹni tí ó bá yára pe Ìyá Ìbejì, "Ìyáàbejì" ni yóò pè.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú rẹ̀. Orúkọ ọjà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ohun mìíràn tó wọlé, nítorí pé ẹni tí ń kọjá lọ lè má gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Àdúgbò ni ó kẹ́yìn, nítorí pé ìparí orin ni etí ń gbé lọ. Abẹ́òkúta kún fún Ìyá Ìbejì, "Ìtòkú" ni yóò sì sọ èyí tí à ń wí. Mo kọ "ẹ wá rà á", n kò kọ "wá rà á", nítorí pé ọmọdé ni yóò máa ké e sí àgbà létí, kò sì sí àgbà tí yóò gbọ́ "wá" lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá tí inú rẹ̀ yóò dùn láti ra nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ fà ohùn orin

Ẹ kọ dò-re-mí sí abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, báyìí:

mí mí dò, mí mí dò
mí mí dò, dò mí, dò re dò
mí dò mí dò mí
re mí dò mí, mí dò mí

Ẹ wo bí ìlà méjì àkọ́kọ́ ṣe ń wálẹ̀ ní ìparí, tí ìlà méjì tó tẹ̀lé e sì ń gòkè. Ìlà kẹta ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ń jó jangirọ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin tẹ́lẹ̀ kí akọrin tó lanu. Kò pọn dandan kí ohùn orin jẹ́ dò-re-mí yìí gan-an. Ohun tí ó pọn dandan ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin má ṣe wálẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti wálẹ̀, kí orin má ṣe gòkè.

Sílébù tí ó léwu jù nínú orin wa ni "rọ̀". Bí akọrin bá gbé e sí àárín, "ó rọ" ni yóò di, bí ìgbà tí ewé rọ. Bí ó bá gbé e sókè, "ó rọ́" ni yóò di, bí ẹsẹ̀ tí ó rọ́ nígbà tí ènìyàn ṣubú. Kò sí èyí tí a fẹ́ gbọ́ nípa búrẹ́dì nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí akọrin fà á gùn díẹ̀ nísàlẹ̀, kí "ó" tí ó ṣáájú rẹ̀ sì ga dáadáa, kí etí lè gbọ́ ìwálẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún "rà" pẹ̀lú. Nínú "ẹ wá rà á", ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i sí "ẹ wá ra búrẹ́dì", ohùn rẹ̀ ti di àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà láìyí orin padà yóò ba ìlà náà jẹ́.

Láti mọ̀ bóyá ó ti bọ́ sí i, ẹ kùn orin náà láti imú, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, fún ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá lè sọ ibi tí ẹ dé nínú rẹ̀, ohùn àti ọ̀rọ̀ ti di ọ̀kan. Bí ẹ bá ní onígángan nítòsí, ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ó fi ìlù sọ ọ́. Ìlù kò mọ irọ́ pa nípa ohùn; ibi tí ó bá ti fẹ́ ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí ti akọrin, akọrin ni ẹ óò tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi àtẹ́wọ́ sí i

Ìlà kọ̀ọ̀kan gba àtẹ́wọ́ mẹ́rin. Ní ìlà kìn-ín-ní, wọ́n bọ́ sórí "bú" àti "dì" nínú búrẹ́dì méjèèjì. Ní ìlà kejì, wọ́n bọ́ sórí "bú", "dì", "yá" àti "jì". Ní ìlà kẹta, "ó", "rọ̀", "bí" àti "wú". "Ò" tí ó wà láàárín kúrú, ó sì ń yára kọjá. Ní ìlà kẹrin, "ẹ" bọ́ ṣáájú àtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni "wá", "rà", "Í" àti "kú". Ẹni tí ó bá ń kiri yóò fi ẹsẹ̀ dípò ọwọ́: ìṣísẹ̀ mẹ́rin fún ìlà kan. Bí ẹ bá rí i pé ẹni tí ń ké e ń kọsẹ̀, tàbí pé ó ń dúró kí ó tó lè parí ìlà, sílébù ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí orin náà bá ti dúró, ẹ fi lílé àti ègbè tẹ̀lé e, kí àwọn ọmọdé lè rí ibi tí wọn yóò ti dáhùn:

Lílé: Ta ló ṣe é?
Ègbè: Ìyá Ìbejì!
Lílé: Kí ló gbé dé?
Ègbè: Búrẹ́dì!

Ìdáhùn méjèèjì tún ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, a kò sì fi ọ̀rọ̀ tuntun kankan kún ẹrù tí ọmọ yóò rù. Lẹ́yìn "Búrẹ́dì", a óò padà sí ìlà kìn-ín-ní, tí ó jẹ́ "Búrẹ́dì" náà, orin yóò sì máa yí po láìsí ibi tí ó ti já.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e fún àwọn ọmọdé, kí ẹ má sì ṣe tún ẹnu wọn ṣe

Ẹ pe ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ké e fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n ké e fún yín. Ibi tí ọmọ bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, kì í ṣe ọmọ ni ó ṣìnà. Bí mo bá kọ́kọ́ kọ ìlà kẹrin pé "Ẹ wá rà á lọ́jà Ìtòkú", mo lè fi ọkàn sọ fún yín ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe: wọn yóò ju "ọjà" nù, nítorí pé àtẹ́wọ́ kò ní àyè fún un. Ẹnu ọmọ máa ń gé ohun tí ó bá pọ̀ jù, ó sì máa ń gé e síbi tí ó tọ́. Ẹ gba ohun tí wọ́n bá gé, àyàfi bí ó bá jẹ́ orúkọ tàbí àdúgbò ni wọ́n gé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìlà náà kọ kí ọ̀rọ̀ yẹn lè bọ́ sórí àtẹ́wọ́. Ohun tí ó bá wà lórí àtẹ́wọ́ kì í sọnù.

Ìgbésẹ̀ keje: gbohùngbohùn

Fóònù lásán tó láti fi gba ohùn sílẹ̀. Ẹ gbà á nínú yàrá tí aṣọ tàbí ìbùsùn wà, kí ohùn má ba à máa gbá ògiri padà. Ẹ fi ohùn obìnrin tàbí ọmọdé ké e bí ẹ bá rí, nítorí pé ẹnu gbohùngbohùn kékeré kì í gbé ohùn tí ó jinlẹ̀ dáadáa. Ohùn ọkùnrin tí ó wúwo yóò wọ́, sílébù dò inú rẹ̀ yóò sì sọnù, dò ni ó sì wà lórí "rọ̀". Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbohùngbohùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ rìn tó ogún ìṣísẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Bí ọkàn yín bá ní láti ran etí yín lọ́wọ́ kí ẹ tó mọ ohun tí ó ń sọ, ẹ padà lọ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú tí ó dín kù.

Àwọn àgbà tí ń kiri ọjà ti mọ ọgbọ́n kan tí ó wúlò níbí. Ẹni tí ó ń ta àgbàdo, tí ó ń ké "Láńgbé jinná o", kì í ké e tẹ̀ léra wọn. Yóò fa "o" ìparí náà gùn, yóò sì dákẹ́, kí ẹni tí ó wà nínú ilé lè rí àyè pè é. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ tí ó gùn tó orin náà wà láàárín ìgbà tí a ké e tán àti ìgbà tí a óò tún un ké. Gbohùngbohùn tí kò sinmi máa ń di ariwo láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn aládùúgbò yóò sì wá bẹ̀ yín pé kí ẹ pa á.

Iye owó kò gbọ́dọ̀ wọ inú orin. Iye ìyẹ̀fun àti ṣúgà ń yí padà lọ́wọ́lọ́wọ́, búrẹ́dì sì ń bá wọn yí. Bí iye bá wà nínú ìlà tí ó bára mu, ọjọ́ tí ó bá yí padà ni orin yín kú. Ẹ gba iye owó sílẹ̀ lọ́tọ̀, ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ẹ fi tẹ̀lé orin, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Ibẹ̀ náà ni mo ń fi ohun tí ó kan ìlera sí. Àjọ NAFDAC ti fi òfin de kẹ́míkà burómétì nínú búrẹ́dì, ó sì dára kí oníbàárà mọ̀ pé ẹ kò lò ó bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ara náílọ̀nù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó yẹ ẹ́. "Burómétì" kò lè bá òwú rìn.

Bí ó bá di ọjọ́ kan tí Ìyá Ìbejì fẹ́ gbé orin náà lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, kí ó lọ béèrè kí ó tó san owó: ìpolówó oúnjẹ gba àṣẹ NAFDAC, ìgbìmọ̀ tí ó wà lábẹ́ ARCON, àjọ tí ń ṣe àkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, sì ní láti yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde sórí afẹ́fẹ́. Ìlà mẹ́rin náà kò ní nílò àyípadà, nítorí pé kò sí ohun tí a sọ nínú rẹ̀ tí àtàǹpàkò oníbàárà kò lè fi ara rẹ̀ yẹ̀ wò.